Ẹ Wọn Àga, Ẹ Yé Wọn Èmi

Àwọn tó ti kọ èrò tiwọn síbí ṣáájú mi kọ nípa oúnjẹ alẹ́ àti aago ìdájí. Èmi fẹ́ kọ nípa gíga àti kúkurú, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi nílé ìwé yìí. Ọmọ ọdún 13 ni mí. Tí mo bá bọ́ bàtà tí mo dúró gbọnrangandan, sẹ̀ǹtímítà 112 ni mí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọbìnrin tí a jọ wà ní kíláàsì ti ga tó 156. Ẹ mọ̀ mí dáadáa, mi ò ní láti júwe ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rí ni pé, ọ̀pọ̀ ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń wò mí bí ìran, ibi tí nǹkan ti ga jù fún mi ni wọ́n ti ń wò mí. Tí mo bá jókòó sórí ẹní tí a jọ ń ta ayò, ta ló ń wò mí? Kò sẹ́nì kankan. Ayò ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa jẹ mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n dé ìdí ẹ̀rọ omi, tàbí kí n máa gun àga níwájú kíláàsì, ojú gbogbo ayé á wá sára mi, ẹ̀rín á sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé tí ẹ bá fẹ́ kí yẹ̀yẹ́ dínkù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwàásù. Ẹ mú téèpù, kí ẹ lọ wọn àga.

Kí n tó dé ibi àga, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ́ kí n rí báyìí, nítorí àwọn kan ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Bàbá mi ga, màmá mi ga, àwọn àbúrò mi méjèèjì sì ti ga jù mí lọ. Nígbà tí wọ́n bí mi, àwọn ará àdúgbò kan ní màmá mi fi aràrá ṣẹ̀sín nígbà tó lóyún, àwọn mìíràn ní ó jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Irọ́ ni. Orúkọ ohun tó ṣe mí ni àkọ́ndíróplésíà. Jíìnì kan wà lára gbogbo èèyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá eegun dúró kó má gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tèmi ń ṣe àṣejù lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó ń dá eegun apá àti ẹsẹ̀ dúró kó tó tó àkókò. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn. Nínú ọmọ 10 tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 8 ni bàbá àti ìyá wọn ga bí àwọn òbí tèmi. Kò sì kan ọpọlọ rárá. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ wo èsì ìdánwò ìṣirò táàmù tó kọjá lára pátákó.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo sọ yẹn: eegun apá àti ẹsẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ara. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi wọn ara wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Nígbà tí a dúró, òun jẹ́ 156, èmi jẹ́ 112, ó fi sẹ̀ǹtímítà 44 jù mí lọ. Lẹ́yìn náà a jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, a wọn láti orí bẹ́ńṣì dé àtàrí. Tirẹ̀ jẹ́ 82, tèmi jẹ́ 76. Ẹ gbọ́ o, 6 péré! Inú ẹsẹ̀ ni 38 tó kù wà. Tí a bá ti jókòó, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òun gan-an pariwo pé, "Há, o ga o!" Mo ní mo ti ń sọ fún un tipẹ́.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ilé ìwé yìí. Àga kíláàsì wa ga ní sẹ̀ǹtímítà 44. Láti ẹ̀yìn orúnkún mi dé ilẹ̀, tí mo bá wọ bàtà, 24 ni. Nítorí náà, tí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa rọ̀ dirodiro lókè ilẹ̀. Etí pákó àga á máa tẹ ẹ̀yìn itan mi. Kí pírọ́ọ̀dù kejì tó parí, ẹsẹ̀ mi á ti kú, á wá máa ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn náà á máa dùn mí, nítorí mi ò lè fara ti ẹ̀yìn àga. Tí mo bá sún sẹ́yìn kí n lè fara tì í, pákó náà gùn ju itan mi lọ, á wá na ẹsẹ̀ mi síta gbọọrọ bíi ti ọmọlángidi. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn kíláàsì ti máa ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń bójú tó wa rí i, àánú ṣe wọ́n, wọ́n sì gbé àga àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wá fún mi. Aláwọ̀ pupa ni, wọ́n ya ehoro sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n rò pé ẹni kékeré ló ni àga kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹsẹ̀ mi nìkan ló kúrú. Àga náà ga ní 26, ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀ lóòótọ́, ó dára. Ṣùgbọ́n tábìlì ìkọ̀wé wa ga ní 72, tí mo bá sì jókòó sórí àga ehoro yẹn, etí tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èjìká mi. Mo ní láti gbé apá sókè bí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ kí n tó lè kọ̀wé. Bí mi ò sì ṣe rí pátákó mọ́ nìyẹn, orí ẹni tó wà níwájú mi ni mo ń rí. Ti ehoro yẹn tún wá di orúkọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, "Ehoro" ni wọ́n ń pè mí.

Ọgbọ́n tó tọ́ ni kí ìdí mi wà lókè bíi ti gbogbo èèyàn, kí wọ́n wá gbé ilẹ̀ wá bá ẹsẹ̀ mi. Ìṣirò rẹ̀ kò le: àga 44, ẹsẹ̀ 24, ó ku 20. Àpótí ìtẹ́sẹ̀ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 ni mo nílò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá káfíńtà tó ń tún àwọn bẹ́ẹ̀dì wa ṣe ló kan án látinú àwọn pákó bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́. Bàbá kọ́kọ́ fi ojú díwọ̀n, wọ́n kan án ní 28. Orúnkún mi gbéra, ó ń kọlu abẹ́ tábìlì, itan mi kò sì fara kan pákó àga mọ́. Ohun tó ń fi hàn pé ó ga jù nìyẹn. Tó bá kéré jù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló máa kàn án. Tó bá bá a mu, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, itan á sì sùn gbalaja sórí àga. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ lọ̀gá, ìyá mi," wọ́n sì rẹ́ 8 kúrò.

Ó ku nǹkan méjì. Pákó ìjókòó àga náà fẹ̀ ní 38 láti iwájú dé ẹ̀yìn, itan mi sì jẹ́ 27 láti ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún. Mátírọ̀nù bá mi rán tìmùtìmù tó nípọn ní 13 tí mo fi sẹ́yìn. Ìdí tí kò fi jẹ́ 11 ni pé ó yẹ kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín etí pákó àti ẹ̀yìn orúnkún, kó má bàa máa tẹ iṣan. Èkejì ni pé àpótí náà máa ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, bàbá wá gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àpótí yẹn kan náà ni mo ń tẹ̀ gun àga, nítorí náà mi ò tún fi orúnkún gun un mọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Láti ìgbà náà wá, tí àlejò bá wọ kíláàsì wa, ó máa ń pẹ́ kó tó mọ èwo nínú wa ni èmi. Ẹ̀rín ẹ̀yìn kíláàsì ti lọ bá ẹlòmíràn. (Ẹni náà mọ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ sùnkùn kíláàsì ni.)

Ti omi ló kù. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì ní pèpéle sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé. Sẹ̀ǹtímítà 60 ni. Fún yín, kò ga. Fún mi, àyà mi ló dé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lítà 10 wúwo ní kílò 10, mo sì ní láti gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti ibi àyà pẹ̀lú apá tó kúrú tí ìgúnpá rẹ̀ kì í nà tán. Ìdajì omi á dà sí mi lára, gbogbo ìlà tó ń dúró lẹ́yìn á sì máa wò. Bí mo bá tiẹ̀ gbé e délẹ̀, tí mo bá fi ọwọ́ gbé e, ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì á máa kọlu àtẹ̀gùn nítorí ọwọ́ mi kò jìnnà sílẹ̀.

Àwọn síníọ̀ kan á ní, "Ṣebí kó o rù ú." Mi ò gbọ́dọ̀ ru ẹrù wúwo, dókítà ló kìlọ̀ fún mi. Ihò tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí iṣan ńlá tó ti inú ọpọlọ wá ń gbà kọjá, há lára àwọn tó ní irú ara mi, láti ìdí ọrùn títí dé ìbàdí. Tí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́, tàbí tí èèyàn bá ń fò tàbí tó ń fi orí dúró, iṣan náà lè fún pọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń kú léraléra lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tó sì jẹ́ pé téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tó lóṣòó ló ń rọrùn, ọ̀kan lára àmì rẹ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀lẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin pirífẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ jẹ mí níyà. Mi ò sọ pé kí ẹ má jẹ mí níyà o. Ẹ fún mi ní ilẹ̀ gbá, ẹ fún mi ní ìlà 200 kọ, mo gbà.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ omi kò ju rọ́bà omi mítà kan tí wọ́n fi ti ẹnu ẹ̀rọ bọ ilẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, omi ń lọ bá a. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 ni mo ń lò báyìí, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Kò ga tó bọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í kọlu àtẹ̀gùn, ìwúwo rẹ̀ sì pín sọ́nà méjì. Ìlọ́po méjì ni mo ń lọ, ìyẹn ni mo fi ń jí ṣáájú yín. Ẹ̀yin náà ti ń lo rọ́bà yẹn, mo rí yín.

Ibi tí mi ò ti nílò àtúnṣe kankan ni ilé ìyá bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ààrò wọn wà nílẹ̀, àpótí ni wọ́n ń jókòó lé dáná, ọlọ wà nílẹ̀, àmù omi wà nílẹ̀ tòun ti igbá rẹ̀. Tí a bá délé nígbà ìsinmi, èmi ni mo máa ń ro ọkà, màmá mi tó ga ni ẹ̀yìn máa ń dùn. Ṣùgbọ́n nílé wa níbí, kíṣìnnì olókè ni, iná mànàmáná wà lókè ògiri, àwọn abọ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún. Bàbá mi gbé abọ́ tí a ń lò lójoojúmọ́ wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì kan àpótí ìgùn kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ kó má bàa dojú dé nígbà tí omi gbígbóná bá wà lọ́wọ́ mi. Iná yẹn, igi ìgbálẹ̀ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó tán.

Àwọn èèyàn máa ń bi màmá mi pé iṣẹ́ wo ni mo máa lè ṣe. Aránṣọ kan wà lọ́jà ní ìlú wa níbí, kò ga jù mí lọ púpọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ní mọ́tò ni wọ́n ń lò. Ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ wọn kò dé ibẹ̀, wọ́n gbé e lé orí àpótí, wọ́n fi rọ́bà dè é kó má sá. Tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, wọ́n rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Oníbàárà tuntun máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bi wọ́n pé, "Màdáámù ńkọ́?" Wọ́n á ní, "Èmi ni, mú aṣọ wá." Ohun tí oníbàárà ń bá wọn jà lé lórí kì í ṣe gíga wọn, wọ́n máa ń yẹ àdéhùn bíi ti gbogbo aránṣọ.

Ó wá kan orúkọ. Mo ń gbọ́ ọ ní èdè mẹ́ta nítorí ibi tí a wà. Àwọn ọmọ Háúsá a máa pè mí ní "wada", àwọn ọmọ Yorùbá a máa pè mí ní "aràrá" tàbí "egbére", wọ́n á ní ẹní mi dà. Ti gbogbo gbòò ni "Pọ́ọ̀pọ́ọ̀", nítorí fíìmù Aki na Ukwa. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa fíìmù yẹn. Àgbàlagbà ni Osita Iheme àti Chinedu Ikedieze nígbà tí wọ́n ṣe é, ọmọdé ni wọ́n fi wọ́n ṣe. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí àwọn kan máa rò pé ẹni kúkurú ọmọdé ni títí ayé. Ní ọjọ́ àbẹ̀wò, ìyá kan fi ọwọ́ pa mí lórí, wọ́n bi mí pé ta ni mo bá wá, wọ́n sì fún mi ní súwíìtì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ilé ìwé yìí ni mo wà." Mo jẹ súwíìtì náà, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Olùkọ́ wa kọ́ wa pé láyé àtijọ́ ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe irú wa, pé Ọbàtálá ló mọ wá bẹ́ẹ̀, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ fi wá ṣẹ̀sín. Ó dáàbò bò wọ́n nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi òwe tù mí nínú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó kì í ṣe mímì fún adìyẹ, mo gbọ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé mi mì? Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni kí ẹ pè.

Ẹni tó bá wò mí lẹ́ẹ̀kan tó gbójú kúrò, kò ṣe nǹkan kan. Èmi náà máa ń wo ẹni tó bá ga jù. Ọmọ kékeré tó bá bi mí pé, "Kí ló dé tí o kúrú?" mo máa ń dá a lóhùn pé eegun mi ló tètè dúró, á ní òó, á máa bá eré rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ tó gbá a lẹ́nu ló bà á jẹ́. Èyí tí mi ò gbà rárá ni fóònù tí àwọn àlejò ń fi yà mí láìbéèrè, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń fa abíyá mi gbé mi sókè nígbà tí a bá ń ṣeré. Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ọ̀pá ẹ̀yìn. Tí ẹ bá jù mí sílẹ̀, mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ fún bàbá mi.

Òfin tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 lórí àwọn aláàbọ̀ ara fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Níbí, ohun tó kù kò pọ̀. Fèrèsé tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ ní yàrá ìjẹun ga débi pé àwo mi nìkan ni alásè ń rí, wọn kì í rí mi, ẹran mi sì máa ń kéré. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó ga ní 20, tó fẹ̀ tó kí ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lé e, ti tó níbẹ̀. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tó wà lókè, tí mo fi ń ní kí ẹlòmíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ mi láti ìta. Kí wọ́n kan òmíràn sí ìsàlẹ̀, ní 80. Bàbá káfíńtà ní pákó ṣì kù, ìṣó àti kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọn ò ní. Mo ti kọ ìwọ̀n méjèèjì sínú ìwé, ó wà lọ́wọ́ Mátírọ̀nù.